Èsì: Lẹ́tà ọṣẹ dúdú ní èdè mẹ́ta, kí ohùn ìsọ̀ yín má bàa sọnù

*"Èmi Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ìbàdàn ni mo ti ń ta ọṣẹ dúdú àti òrí. Yorùbá ni mo fi ń kọ lẹ́tà ímeèlì sí oníbàárà lóṣooṣù. Mo fẹ́ máa kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Pọtogí fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, Kútọnu àti Salvador. Ṣé ilé iṣẹ́ ìtumọ̀ kan ni kí n gbé e fún, àbí ẹni mẹ́ta?"*

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ kọ́kọ́ kọ ojú ìwé kan péré sílẹ̀ nípa bí ìsọ̀ yín ṣe ń sọ̀rọ̀: ta ló ń sọ̀rọ̀, irú àwàdà wo ló ń ṣe, kí ni kò ní sọ láéláé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìtumọ̀ kì í béèrè èyí. Iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà gbowó, kò sì sí ẹni tó máa fara balẹ̀ da gbólóhùn kan nù kó lè wá èyí tó bá ìlú oníbàárà mu. Ohun tí wọ́n máa dá padà kò ní ní àṣìṣe gírámà kankan, àmọ́ bí lẹ́tà báńkì ló ṣe máa rí.

“Ẹ” lẹ ń pe oníbàárà. Fún Kútọnu, ẹ lo “vous”, torí pé “tu” lẹ́nu òǹtajà lè dún bí àfojúdi. Fún Salvador ní Bràsíìlì, “você” ti tó. “A senhora” á mú ọ̀rọ̀ náà le jù. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìyàtọ̀ yìí, nítorí náà inú ìkíni ni ọ̀yàyà ti máa wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o” ní ẹyọ ọ̀rọ̀. “It's been too long!”, “Ça fait longtemps !”, “Quanto tempo!” ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tó ń dunni jù rèé: akọ àti abo. Yorùbá kì í ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin nínú gbólóhùn, nítorí náà ẹ ò ní rí wàhálà náà títí lẹ́tà á fi lọ. Ẹ jẹ́ ká mú àkọlé yìí: “Ọṣẹ ti dé o, ẹ má ní a ò sọ.” Olùtumọ̀ á kọ “Le savon est arrivé, on vous aura prévenu”. Bó bá jẹ́ obìnrin ló ń kà á, ó yẹ kó jẹ́ “prévenue”. Ni wọ́n bá kọ “prévenu(e)”, bí fọ́ọ̀mù ìjọba, àwàdà sì kú. Ẹ yí gbólóhùn náà padà pátápátá: “Le savon est là. Après, pas de regrets !” Kò sí akọ, kò sí abo níbẹ̀, ó sì kúrú tó fún ojú fóònù. Bákan náà, “Cher” tàbí “Chère” kò pọn dandan, “Bonjour” ti tó. Ní Pọtogí, “Boas-vindas” ni kẹ́ ẹ kọ dípò “Bem-vindo”. Ní ti ọpẹ́, ẹni tó ń dúpẹ́ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: obìnrin ni yín, “obrigada” ni.

Orúkọ ọjà náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ní Salvador, “sabão da costa” ni àwọn tó mọ ọṣẹ wa ń pè é. Bí olùtumọ̀ bá kọ “sabonete preto”, ó ti di ọṣẹ lásán. Ní Faransé, ẹ fi “africain” kún “savon noir”, torí ọṣẹ òróró ólífì àwọn ará Mòrókò ń jẹ́ orúkọ yẹn náà.

Bí Mailchimp lẹ fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, ẹ kìlọ̀ fún olùtumọ̀ pé kó má fọwọ́ kan ohun tó wà láàárín `*|` àti `|*`. Ẹni tó bá sọ `FNAME`, àmì tó ń gbé orúkọ oníbàárà wọlé, di `PRENOM` ti ba ìkíni gbogbo lẹ́tà jẹ́. Fún ẹni tí kò fi orúkọ sílẹ̀:

```
*|IF:FNAME|*Bonjour *|FNAME|* !*|ELSE:|*Bonjour !*|END:IF|*
```

Àwọn “ọ̀jọ̀gbọ́n” kan á ní kẹ́ ẹ kó èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú lẹ́tà kan. Ẹ má gbọ́. Gmail máa ń gé lẹ́tà tí kóòdù rẹ̀ bá ju 102KB lọ, ìsàlẹ̀ ló sì ń gé, níbi tí ìlà ìyọra-ẹni-kúrò wà. Ẹ fi àpótí èdè kan sínú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀, kí oníbàárà mú èyí tó wù ú fúnra rẹ̀; kì í ṣe gbogbo ará Kútọnu ló fẹ́ ka Faransé. Lórí àkójọ kan ṣoṣo ni kí gbogbo wọn wà, torí ẹni tó bá wà lórí méjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni Mailchimp ń ka owó rẹ̀.

Ẹ̀yin sì béèrè: ẹni mẹ́ta ni o, kí ẹni kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹni tó ń gbé láàárín àwọn tí ẹ ń kọ̀wé sí. Ẹ bá wọn dúnàádúrà lórí lẹ́tà kan, kì í ṣe lórí iye ọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ tó tẹ “Send”, ẹ ní kí oníbàárà kan níbẹ̀ ka lẹ́tà náà sókè ránṣẹ́ sí yín lórí Wásáàpù. Ibi tí ahọ́n rẹ̀ bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni kí olùtumọ̀ padà sí.