Ìlà ọjọ́ 28 tí mi ò yà sínú ṣáàtì mi

Ìbéèrè: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, alábòójútó mi ní kí n mú ṣáàtì Gáńtì wá fún púrójẹ́ẹ̀tì mi lórí kọnkéré tí a fi eérú èèpo ìrẹsì pò. Mi ò yà á rí. Báwo ni mo ṣe máa yà á, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ tí mo bá ti pẹ́?"

Àbúrò, irú iṣẹ́ yìí gan-an ló fìyà jẹ mí, torí náà fara balẹ̀ kà á.

Yíyà rẹ̀ kò le. Kọ orúkọ àwọn iṣẹ́ sí apá òsì láti òkè wá sílẹ̀, kọ ọ̀sẹ̀ 1 dé 14 sókè, kí o fa ọ̀pá kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ dé ìgbà tó parí. Ìwé gíráàfù tó. Tó bá jẹ́ Excel lo fẹ́ lò, Stacked Bar ni kí o mú, kí o fi No Fill sí apá tó jẹ́ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ò gba àlàyé.

Ibi tó gba àlàyé nìyí. Nínú tèmi, mo kọ "ṣíṣe kúúbù àti fífọ́ wọn" sórí ìlà kan ṣoṣo, mo fún un ní ọ̀sẹ̀ 2. Kúúbù ni ègé kọnkéré tí a máa ń fọ́ láti mọ bó ṣe le tó. Alábòójútó mi buwọ́ lù ú láìkà á. Inú ṣì ń bí mi, torí ẹni tó ń kọ́ni nípa kọnkéré mọ̀ dáadáa pé kúúbù máa wà nínú omi títí tó fi pé ọjọ́ 28 kí a tó fọ́ ọ fún àbájáde tí gbogbo èèyàn ń wò. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè sọ ọjọ́ 28 di 10. Nígbà tí ṣáàtì mi ní kí n máa kọ àbájáde, inú omi ni kúúbù mi ṣì wà.

Èyí tó burú jù ni pé ọjọ́ Sátidé ni mo po kọnkéré náà, torí ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rọ tí a fi ń pò ó ráyè. Ọjọ́ 7, 14 àti 28 ni a máa ń fọ́ kúúbù, ọ̀sẹ̀ gbáko sì ni gbogbo wọn. Ọjọ́ tí o bá pò ó nínú ọ̀sẹ̀ ni fífọ́ rẹ̀ máa bọ́ sí. Sátidé ni tèmi bọ́ sí, wọ́n sì máa ń ti láàbù tí a ti ń fọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀gá láàbù ní kí n lọ gba lẹ́tà, ẹni tó máa buwọ́ lu lẹ́tà ti rìnrìn àjò. Ọjọ́ 33 ni mo tó fọ́ èyí tó yẹ kí n fọ́ ní ọjọ́ 28. Kọnkéré sì ń le sí i lójoojúmọ́, torí náà iye tí mo rí kò ṣeé fi wé ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń wọ aṣọ àgùnbánirọ̀, èmi ń yọ kúúbù nínú omi.

Jọ̀ọ́, kọ déètì sára kúúbù kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan nínú tèmi dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn.

Bí mo ṣe yà á lẹ́ẹ̀kejì nìyí. Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2, ìwé àbá. Ọ̀sẹ̀ 3, alábòójútó ń kà á. Ìlà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 4 àti 5, ríra sìmẹ́ńtì àti yanrìn, sísun èèpo àti jíjọ̀ eérú. Túsìdeè ọ̀sẹ̀ 6, pípò. Omi gbà á títí di Túsìdeè ọ̀sẹ̀ 10, ọjọ́ yẹn la fọ́ ti ìkẹyìn. Ọ̀sẹ̀ 11 àti 12, kíkọ àbájáde. Ọ̀sẹ̀ 13, alábòójútó tún ń kà á. Ọ̀sẹ̀ 14, àtúnṣe àti dídi ìwé. Kíkọ orí kejì púrójẹ́ẹ̀tì gba ọ̀sẹ̀ 3, ó sì lè bọ́ síbikíbi láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 10.

Wò ó bí a ṣe ń kà á. Orí kejì lè fi ọ̀sẹ̀ 4 pẹ́ kó má pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n pípò kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 3 lọ: tó bá kúrò ní Túsìdeè lọ sí Fúráìdè, ọ̀sẹ̀ 10 náà lo ṣì máa fọ́ ọ. Tó bá di Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ 7, ọ̀sẹ̀ 11 ni fífọ́, kíkọ àbájáde ti sún nìyẹn, dídi ìwé sì máa bá a sún. Àwọn ìlà tó so mọ́ra báyìí ni kí o fi pupa kùn.

Ní gbogbo Fúráìdè, fa ìlà kan wálẹ̀ síbi tí ọjọ́ òní wà, kí o sì kun ọ̀pá kọ̀ọ̀kan dé ibi tí iṣẹ́ ti parí dé, kì í ṣe ibi tí àkókò dé. Bí ìlà òní bá kọjá ibi tí kíkùn ọ̀pá pupa kan dé, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tíì parí, o ti pẹ́. Bí alábòójútó bá sì da ìwé rẹ dúró ju ọ̀sẹ̀ 1 lọ, fa ọ̀pá kíkà rẹ̀ gùn, kọ déètì tí o fún un ní ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o mú un lọ fi hàn án.