Bàbá ń jẹun, síbẹ̀ wọ́n ń gbẹ

*"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà ibí, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ní ó ń ṣe bàbá wa. 68 kílò ni wọ́n wọ̀n ní oṣù kẹfà, wọ́n ti di 59 ní oṣù kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń jẹun o. Kúbwà la wà. Àǹtí mi ní ká kàn lọ fa dírípù sí wọn lára. Ṣé oúnjẹ tá à ń fún wọn ni kò tó?"*

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Kílò 9 nínú 68 láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti ju 13 nínú 100 lọ. Láti 2011 làwọn onímọ̀ nípa jẹjẹrẹ ti fẹnu kò pé bí irú aláìsàn yìí bá ti fi ju 5 nínú 100 fọ̀n láàárín oṣù mẹ́fà, tí kì í ṣe ebi lásán ló fà á, kakẹ́síà ni wọ́n ń pè é. Oúnjẹ nìkan kì í dá a padà tán, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ kò bọ́ wọn dáadáa.

Bí ebi bá ń pa ẹni tí ara rẹ̀ le, ara a máa ṣọ́wó ná. Á dín iṣẹ́ kù, á máa jó ọ̀rá, iṣan ló máa fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn. Nínú kakẹ́síà, ara kò mọ ìṣọ́wóná mọ́. Jẹjẹrẹ náà àti àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá a jà ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń ránṣẹ́ káàkiri. Iṣẹ́ yẹn dé ọpọlọ, oúnjẹ sú èèyàn. Ó dé iṣan, iṣan bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara rẹ̀ palẹ̀. Ó dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ ń kó ohun tí iṣan tú jáde, ó ń fi ṣe purotéènì tí ara ń lò fún ìjà. Iṣan tó sì ṣẹ́ kù kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ẹran àti ẹja tí a jẹ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ilé tí wọ́n ń já igi òrùlé rẹ̀ dáná ni. Igi tí ẹ kó wọlé á dín jíjá náà kù, àmọ́ kò ní dá a dúró.

Òṣùwọ̀n náà lè tàn yín jẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun Bàbá, lókè ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀, kí ẹ kà dé mẹ́wàá kí ẹ tó yọ ọ́. Bó bá jìn kòtò tí kò sì tètè dìde, omi ti wà níbẹ̀, a jẹ́ pé 59 yẹn kì í ṣe ara nìkan. Ohun tí mo fọkàn tán jù ni okùn: ẹ yí i ká ibi tí iṣan ẹ̀yìn ojúgun ti nípọn jù, ẹ ta kókó sí i, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ bá ti wú, apá òkè ni kí ẹ fi okùn náà wọ̀n.

Kí ẹ tó fi kún oúnjẹ, ẹ wá olè tó ń jí i. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu Bàbá. Bí ẹ bá rí funfun bí ògì tó dì mọ́ ahọ́n tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó jẹ́ pé bí ẹ bá nù ún, abẹ́ rẹ̀ pupa tó sì ń ta wọ́n, olu ẹnu ni. Dókítà á kọ oògùn rẹ̀, á sì lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n yàgbẹ́ kẹ́yìn. Ẹni tó bá ń lo mọfíìnì fún ìrora gbọ́dọ̀ máa lo oògùn ìgbẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n sábà máa ń gbàgbé èyí, inú tó sì há kò ní gba oúnjẹ. Èébì àti ìrora náà, ọ̀rọ̀ dókítà ni, ẹ má fara mọ́ wọn.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Bàbá. Gíráàmù purotéènì 1.2 ló yẹ ká fojú sùn fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ìyẹn jẹ́ bíi 71 fún kílò 59. (Bí kíndìnrín wọn bá ní àbùkù, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà.) Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹja tàbí adìẹ tó ti jinná, tó wọ̀n 100 gíráàmù, ní bíi 20, ó kéré tán. Ṣíbí ńlá mẹ́rin wàrà oníyẹ̀ẹ́fun ní bíi 8, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan ní bíi 7. Ẹyin méjì, ẹja lẹ́ẹ̀mejì, wàrà àti ẹ̀pà yẹn, ó di 67. Àwárá díẹ̀ á dí èyí tó kù.

Mo mọ̀ pé ẹni tí oúnjẹ sú kò ní jẹ ẹja lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kunu gyada, ìyẹn ẹ̀kọ mímu tí wọ́n fi ẹ̀pà sè, ju kókò, ẹ̀kọ mímu lásán, lọ. Kókò lásán, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ po wàrà oníyẹ̀ẹ́fun mọ́ kunu gyada náà, kí ẹ da ṣíbí ńlá kan òróró ẹ̀pà sí i. Òróró yẹn nìkan fi bíi 120 kàlórì kún un láìjẹ́ kí ife pọ̀ sí i. Ìdajì ife lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́ dára ju abọ́ ràgàjì kan lọ. Àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń jẹun dáadáa, ẹ gbé èyí tó lágbára jù síbẹ̀. Bí Bàbá bá lè ṣe é, kí wọ́n dìde lórí àga ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárọ̀ àti lálẹ́, torí iṣan tí kò ṣiṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba purotéènì.

Ẹ bá mi sọ fún Àǹtí pé lítà kan dírípù oníṣúgà 5 nínú 100 kò ju gíráàmù ṣúgà 50 lọ. Kò tó 200 kàlórì, kò sì ní purotéènì kankan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgò málìtì kan. Omi rẹ̀ sì lè lọ kún ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró.

Oògùn tí mo máa ní kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ni olansapíìnì, mílígíráàmù 2.5 lálẹ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Íńdíà, tó jáde ní 2023, wọ́n fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kẹ́móò fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ikùn àti irú wọn ní oògùn yìí fún ọ̀sẹ̀ 12. 60 nínú 100 ló fi ju 5 nínú 100 sanra sí i, bẹ́ẹ̀ 9 péré ni nínú àwọn tí kò gbà á. Àwíyé mi ni pé ìwọ̀n ara lèyí, kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣan padà. Ó máa ń kun èèyàn lóorun, ẹ ṣọ́ wọn bí wọ́n bá dìde lóru. Dẹksamẹ́tásóònù náà ń ṣí ìfẹ́ oúnjẹ sílẹ̀, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ agbára rẹ̀ á dín kù, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan itan fúnra rẹ̀, á gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Òun ló sábà máa ń wà nínú àwọn oògùn amúnisanra tí kẹ́mísìtì ń tà láìsí ìwé. Ẹ má rà á.

Bí ó bá wá di pé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kò ràn án mọ́, tí Bàbá ń sùn jálẹ̀ ọjọ́, ìṣírò 71 yẹn ti tán. Ẹni tó ń wúkọ́ bó bá ti gbé nǹkan mì, bí wọ́n bá fi tipátipá fún un lóúnjẹ, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ẹ gbé wọn jókòó gbọn-in, kí ẹ fún wọn ní ohun tí wọ́n bá béèrè, ìwọ̀n ṣíbí kékeré. Iṣẹ́ tí mo máa fún Àǹtí nígbà yẹn ni aṣọ rírọ̀ tí a fi omi rin, kó máa fi pa inú ẹnu wọn ní wákàtí méjì méjì, kó sì fi òrí díẹ̀ ra ètè wọn.