Òfin mọ́ńkì póòsì: nígbà tí ikọ̀ mẹ́ta bá ní pọ́íńtì kan náà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ fèrè o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ìkòròdú. A fẹ́ ṣe ìdíje bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni-márùn-ún fún ikọ̀ 8, ìsọ̀rí méjì. Lọ́dún tó kọjá, ìjà ló tú wa ká, torí a ò mọ ikọ̀ tó yẹ kó kọjá. Báwo la ṣe máa kọ òfin tí ẹnikẹ́ni ò ní lè yí mọ́ wa lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ mú ìwé òfin ọdún tó kọjá, kí ẹ fi báírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí "ó yẹ kí" àti "wọ́n" ti jáde. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ìjà yín ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàtà bọ́ọ̀lù. "Ó yẹ kí ikọ̀ tètè dé" kì í ṣe òfin, ìmọ̀ràn ni. Ẹni tó bá pẹ́ á ní òun gbọ́, go-slow ló dá òun dúró ní Ágíríìkì. "Gbọ́dọ̀" ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá ṣe é.

"Wọ́n" tilẹ̀ burú jù ú lọ. Mo ti rí ìwé kan tó ní: "Bí wọ́n bá pẹ́, wọ́n á fún wọn ní góòlù mẹ́ta." Ta ló pẹ́? Ta ló máa fún ta ni? Lédè wa, "wọ́n" lè jẹ́ ikọ̀, ó lè jẹ́ ìgbìmọ̀, ó tún lè jẹ́ rẹ́firì kan ṣoṣo tí à ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹ máa dárúkọ ẹni tí ẹ ń bá wí, kódà bó bá ń dún bíi pé ẹ ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ:

4. Ikọ̀ tí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kò bá tó 4 lórí pápá ní ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn àkókò tó wà lórí ìwé eré ti pàdánù eré náà. Ìgbìmọ̀ yóò kọ 3–0 sílẹ̀ fún ikọ̀ kejì.

Ọ̀rọ̀ kan, nọ́ńbà kan. Tí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan kún un lẹ́yìn tí ẹ ti pín ìwé, ẹ pè é ní 4a. Ẹ má tún nọ́ńbà tò, torí àwọn balógun ikọ̀ á ti há nọ́ńbà sórí.

Ó wá ku ibi tí ìjà gan-an wà. Ní ọdún kan tí mo fọn fèrè níbì kan níhìn-ín, òfin wọn sọ pé "ikọ̀ tó bá ṣe dáadáa jù" ló máa kọjá bí pọ́íńtì bá dọ́gba. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, balógun méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó góòlù, kálukú pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń ṣírò. Èsì tí wọ́n rí kò bára mu, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ àdúgbò bo àwọn ikọ̀ náà, kí ẹ lè rí i:

Sábó 2–1 Ágíríìkì
Ágíríìkì 3–1 Èbúté
Èbúté 1–0 Sábó
Sábó 3–0 Ìgbógbo
Ágíríìkì 1–0 Ìgbógbo
Èbúté 5–0 Ìgbógbo

Ìṣẹ́gun jẹ́ pọ́íńtì 3, nítorí náà Sábó, Ágíríìkì àti Èbúté ní 6 lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìgbógbo kò ní nǹkan kan. Ikọ̀ méjì ló máa kọjá. Ẹni tó bá wo ìyàtọ̀ góòlù nínú gbogbo eré á rí i pé Èbúté gbá 7 wọlé, 3 wọ ilé tirẹ̀: ó kù 4. Sábó kù 3, Ágíríìkì kù 2. Èbúté àti Sábó kọjá, Ágíríìkì relé.

Wàyí o, ẹ yọ Ìgbógbo kúrò, kí ẹ wo eré tí àwọn mẹ́ta yìí bá ara wọn gbá nìkan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan na ẹnì kan, ẹnì kan sì na òun náà, pọ́íńtì wọn ṣì dọ́gba. Ṣùgbọ́n Ágíríìkì gbá 4 wọlé, wọ́n gbá 3 sí i: ó kù 1. Sábó gbá 2, ó gba 2: òdo. Èbúté gbá 2, ó gba 3: ó jẹ gbèsè 1. Ágíríìkì àti Sábó ló kọjá. Ikọ̀ tó ṣáájú nínú ìṣírò àkọ́kọ́ ló di ikọ̀ tó relé nínú èkejì.

Ìlànà méjèèjì ló dára. Nínú ìdíje World Cup 2018, ìyàtọ̀ góòlù nínú gbogbo eré ìsọ̀rí ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń kọ́kọ́ wo ẹni tó na ẹnì kejì. Ohun tí kò dára ni kí ẹ má kọ èyí tí ẹ fẹ́ lò sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó yí.

Fún ìdíje àdúgbò, ìfojúkojú, ìyẹn èsì eré tí àwọn ikọ̀ tó dọ́gba bá ara wọn gbá, ni mo máa ń gbà wọ́n níyànjú láti fi ṣáájú. Ìdí kan ni pé ikọ̀ bíi Ìgbógbo inú àpẹẹrẹ wa lè kó èèyàn pé fún eré àkọ́kọ́, kó jẹ́ mẹ́rin péré ni wọ́n máa jẹ́ nígbà tí oòrùn bá mú nínú eré kẹta. Góòlù 5 tí ẹnì kan rí gbà lára wọn lásìkò yẹn kò sọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ìdí kejì ni pé, bó bá jẹ́ pé pápá kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ ò lè gbá eré méjì tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó gbá kẹ́yìn ti mọ iye góòlù tó ń wá, bó bá sì lọ́rẹ̀ẹ́ nínú ikọ̀ kejì, ó lè rí i gbà. Ìfojúkojú ní àléébù tirẹ̀ o: nígbà mìíràn ikọ̀ kan á ti mọ ipò rẹ̀ kí eré tó kẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, kò sì ní sáré mọ́.

Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́:

8. Bí ikọ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ní pọ́íńtì kan náà lẹ́yìn eré ìsọ̀rí, ìgbìmọ̀ yóò fi ìlànà wọ̀nyí tò wọ́n, lẹ́sẹẹsẹ:
8a. Pọ́íńtì nínú eré tí àwọn ikọ̀ tó dọ́gba bá ara wọn gbá.
8b. Ìyàtọ̀ góòlù nínú eré wọ̀nyẹn.
8d. Góòlù tí ikọ̀ gbá wọlé nínú eré wọ̀nyẹn.
8e. Ìyàtọ̀ góòlù nínú gbogbo eré ìsọ̀rí.
8ẹ. Àpapọ̀ káàdì, ikọ̀ tí tirẹ̀ kéré ló ṣáájú.
8f. Kèké ṣíṣẹ́, níwájú àwọn balógun ikọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn.
8g. Bí ìlànà kan bá ya ikọ̀ kan sọ́tọ̀, tí ikọ̀ méjì sì ṣì dọ́gba, ìgbìmọ̀ yóò padà sí 8a fún àwọn méjì náà.

8g yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ká ní Ágíríìkì na Èbúté ní 2–1 dípò 3–1. Ìyàtọ̀ góòlù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di òdo. 8d á gbé Ágíríìkì síwájú, torí ó gbá 3 wọlé, àwọn tó kù gbá 2. Ó wá ku Sábó àti Èbúté. A padà sí 8a: Èbúté na Sábó, Èbúté kọjá. Bí kò bá sí 8g, tó bá sì jẹ́ pé 9–0 ni Sábó fi na Ìgbógbo, ẹlòmíràn á sọ̀ kalẹ̀ sí 8e, Sábó ni yóò mú.

Ẹ tún fi èyí kún un: bí ikọ̀ kan bá kúrò nínú ìdíje kó tó gbá gbogbo eré rẹ̀, èsì gbogbo eré rẹ̀ di òfo fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ má fojú kékeré wo 8ẹ. Ní June 2018, Japan àti Senegal ní pọ́íńtì 4 lọ́kọ̀ọ̀kan, góòlù wọn rí bákan náà, 2–2 sì ni wọ́n gbá fúnra wọn. Káàdì yẹ́lò ló yà wọ́n: Japan ní 4, Senegal ní 6, Senegal bá padà sílé. Ìṣírò tí wọ́n lò nígbà náà rọrùn fún yín láti yá: yẹ́lò kan jẹ́ 1, yẹ́lò méjì tó di pupa jẹ́ 3, pupa tààrà jẹ́ 4. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò wúlò bí kò bá sẹ́ni tó ń kọ káàdì sílẹ̀. Ẹ fi ẹnì kan sídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé àjákọ, kí balógun méjèèjì fọwọ́ sí ojú ewé náà kí wọ́n tó kúrò ní pápá.

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ ìwà. Ẹ má kọ "ìwà àìtọ́" sílẹ̀ kí ẹ sì dákẹ́. Ohun tójú rí ni kí ẹ kọ:

11. Balógun ikọ̀ nìkan ló lè bá rẹ́firì sọ̀rọ̀ lórí ìdájọ́. Agbábọ́ọ̀lù mìíràn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò gba káàdì yẹ́lò.
12. Agbábọ́ọ̀lù tó gba káàdì yẹ́lò yóò jókòó síta fún ìṣẹ́jú 2. Ikọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárín àkókò náà.
13. Ẹni tó bá lu rẹ́firì, tó tì í, tàbí tó tutọ́ sí i lára, yóò gba káàdì pupa, kò sì gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ nínú ìdíje yìí.

Nínú eré oníṣẹ́jú 20, ìṣẹ́jú 2 lórí bẹ́ǹṣì máa ń dun agbábọ́ọ̀lù ju owó ìtanràn lọ, kò sì sẹ́ni tó ń sá kiri láti gba owó.

Èyí tó le jù ni ti àwọn èrò tó ń wòran. Òfin tó ní "bí olólùfẹ́ ikọ̀ kan bá wọ pápá, ikọ̀ náà pàdánù" dà bí ẹni pé ó mú, àfi ìgbà tí ẹnì kan bá bọ́ jẹ́sì alátakò sọ́rùn, tó sì sáré wọlé. Ẹ kọ ọ́ báyìí: rẹ́firì dá eré dúró, balógun méjèèjì ní ìṣẹ́jú 3 láti kó èrò jáde, bí ó bá dá rẹ́firì lójú pé èrò ikọ̀ kan ni kò jáde, ikọ̀ náà pàdánù ní 3–0, tàbí ní iye góòlù tó wà nílẹ̀ bí alátakò rẹ̀ bá ti fi góòlù tó ju 3 lọ ṣáájú rẹ̀. Bí kò bá dá a lójú, eré tẹ̀ síwájú láti ibi tó dúró, pẹ̀lú góòlù tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé láàárín ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn eré. Èèyàn mẹ́ta ni yóò gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tí ikọ̀ rẹ̀ wà nínú ìsọ̀rí náà láàárín wọn.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ kó èsì mẹ́fà òkè yìí àti òfin 8 fún èèyàn mẹ́ta tí kò sí nínú ìgbìmọ̀, kálukú ní ilé tirẹ̀, kí wọ́n sọ ikọ̀ tó kọjá. Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀, òfin kò tíì jinná. Bí ẹnì kan bá pè yín pé kí ẹ ṣàlàyé 8b fún òun, ẹ má ṣàlàyé rárá. Ẹ lọ tún 8b kọ.