Ẹsẹ̀ kan tí ó wú tí awọ rẹ̀ sì le: bí a ṣe ń dá jàbùtẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí wíwú ti ọkàn àti ti kíndìnrín

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹsẹ̀ òsì ìyá mi ti wú láti ọdún mélòó kan, awọ rẹ̀ ti nípọn, ó sì rí ṣákiṣàki. Oníkẹ́mísì ní ọkàn ni, ẹlòmíràn ní kíndìnrín ni. Wọ́n ti ń lo oògùn tí ń mú ni tọ̀, kò sọ̀. Báwo ni a ṣe lè mọ ohun tí ó jẹ́?"

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá wa. Ohun tí ẹ kọ yìí jọ jàbùtẹ̀ ju àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín lọ, ṣùgbọ́n àwọn àmì kan wà tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín yẹ̀ wò lónìí kí ẹ tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹsẹ̀ òsì ni tèmi náà wà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé e kiri. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní àìsàn ọkàn, ẹsẹ̀ tiwọn náà a sì máa wú. Bí a bá jókòó lórí ẹní ní ìrọ̀lẹ́ tí a na ẹsẹ̀, ìyàtọ̀ wọn kò fara sin fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìka ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìka ọwọ́ méjì gbìyànjú láti fún awọ tí ó wà lókè ìdí ìka ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀lé àtàǹpàkò, kí ẹ sì fà á sókè díẹ̀. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹsẹ̀ náà ti wù kí ó wú tó, awọ ibẹ̀ máa ń dìde láàrin ìka. Ní tèmi, kò sí ohun tí ọwọ́ lè mú, nítorí pé awọ náà ti nípọn, ó sì ti lẹ̀ mọ́ ẹran tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò Sítẹ́mà ni àwọn dókítà ń pè é. Bí awọ náà kò bá ṣeé fún, ọ̀nà tí omi ara ń gbà padà sókè ni ó ti bàjẹ́. Bí ó bá ṣeé fún, ẹ kò tíì lè torí ìyẹn sọ pé kì í ṣe jàbùtẹ̀, pàápàá bí wíwú náà kò bá tíì pẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ àtàǹpàkò ọwọ́ mọ́ ojúgun wọn, níbi tí egungun wà lábẹ́ awọ, kí ẹ kà dé mẹ́wàá kí ẹ tó mú un kúrò. Lójúgun ẹ̀gbọ́n mi, kòtò tí ó jìn ni ó máa ń ṣẹ́ kù síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Tèmi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé mọ́. Mo ní "mọ́" nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, tèmi náà máa ń ní kòtò, ó sì máa ń sọ̀ bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, èyí tí ó fà á tí àwọn ènìyàn fi gbà pé ọkàn ni.

Ẹ tún wo bí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe rí. Ọkàn àti kíndìnrín kò mọ ẹsẹ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n máa ń mú wú, ó sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Jàbùtẹ̀ sábà máa ń mú ẹsẹ̀ kan, tàbí kí ó mú méjèèjì kí ọ̀kan sì tóbi ju èkejì lọ gédégédé. Ẹ̀gbọ́n mi kì í lè sùn gbalaja. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n ń fi gbé àyà sókè, bí wọ́n bá sì gun àtẹ̀gùn díẹ̀, èémí a máa sá. Ti kíndìnrín, ojú ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ hàn sí: ìpéǹpéjú á wú ní àárọ̀, ìtọ̀ á sì máa hó púpọ̀ nínú póò, ìfófòó náà kò sì ní tètè pòórá. Bí ìyá wa bá ń mí dáadáa, tí ojú wọn kò wú, tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ ti hàn.

Ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀ ni ibi tí omi náà ti wá. Bí ọkàn bá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó padà sókè á dúró pọ̀ sí ìsàlẹ̀, omi rẹ̀ á sì máa jò sínú ẹran. Bí kíndìnrín bá bàjẹ́, èròjà amúaradàgbà tí ó ń di omi mú sínú ẹ̀jẹ̀ lè máa bá ìtọ̀ jáde, tàbí kí omi àti iyọ̀ máà rí ọ̀nà jáde tó. Jàbùtẹ̀ kò bá ẹ̀jẹ̀ ní ohun kan ṣe báyẹn. Ẹ̀fọn ni ó ń gbin ọmọ aran sí ni lára, aran náà á dàgbà sínú àwọn iṣan tí ń gbé omi ara padà, ó lè lo ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ níbẹ̀, iṣan náà á fẹ̀ jù, ẹnu ọ̀nà inú rẹ̀ kò sì ní lè pa dé mọ́. Omi tí ó kù sílẹ̀ kún fún èròjà amúaradàgbà, ó sì ń sọ ẹran abẹ́ awọ di líle díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí oògùn tí ń mú ni tọ̀, irú fùrósémáìdì tí a mọ̀ sí Lásíìsì, kò fi lè wò ó. Kíndìnrín ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Kò lè ṣí iṣan tí ó ti bàjẹ́. Ohun tí mo rí gbà nínú rẹ̀ nígbà tí oníkẹ́mísì kan ń tà á fún mi ni òòyì àti iṣan fífà ní òru, nítorí pé ó ń fa èròjà pòtásíọ̀mù kúrò nínú ara. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìyá wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ bèèrè àyẹ̀wò ìtọ̀ fún amúaradàgbà, ẹ̀jẹ̀ fún kíndìnrín, kí wọ́n sì gbọ́ ìró ọkàn àti àyà. Ní ti aran, ọmọ rẹ̀ kì í sábà wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ́sàn-án. Láàrin aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méjì òru ni ó máa ń jáde, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ní àárọ̀ lè má fi ohunkóhun hàn. Àyẹ̀wò orí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí a lè ṣe nígbàkígbà. Síbẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú láti ọjọ́ pípẹ́, aran náà lè ti kú tán, kí gbogbo àyẹ̀wò sì sọ pé kò sí. Tèmi kò fi nǹkan kan hàn rí. Ojú àti ọwọ́ ni dókítà fi mọ̀ ọ́n. Àwọn kan á ní ó tẹ oògùn ní ìta, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ náà, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Kì í ṣe aran ni ó ń sọ awọ di ṣákiṣàki jù. Ibà ni. Ẹ bi ìyá wa bóyá ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé òtútù á mú wọn lójijì, ara á gbóná, ẹsẹ̀ náà á pọ́n, á gbóná, á sì máa ro wọ́n títí dé ìdí itan, níbi tí kókó kan á ti wú. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń gba ojú ihò kékeré wọlé, pàápàá láàrin ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tí omi ti jẹ. Gbogbo ìgbà tí ibà yìí bá dé ni ó máa ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní títóbi ju bí ó ti wà lọ. Ohun tí ó sọ awọ orí ẹsẹ̀ mi dà bí ṣàkì màlúù nìyẹn, kí n tó mọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́.

Ọ̀nà ìtọ́jú tí mo ń lò jọ èyí tí àwọn dókítà ní Rẹ̀sífè, ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, gbé kalẹ̀. Lójoojúmọ́, mo ń fi omi mímọ́ tí kò gbóná àti ọṣẹ tí kò le fọ ẹsẹ̀ láti orúnkún wá sísàlẹ̀, mo ń fi ọwọ́ tàbí aṣọ rírọ̀ la gbogbo ìṣẹ́po awọ, n kì í fi kànìnkànìn ha á. Mo ń fọ̀ ọ́ títí omi tí ń ti ibẹ̀ jáde yóò fi mọ́. Gbígbẹ ni iṣẹ́ gan-an: mo ń ká aṣọ mímọ́ tín-ín-rín, mo ń tì í wọ àárín ìka kọ̀ọ̀kan, n kò sì ní pa á tì títí kò fi ní lọ́rinrin mọ́. Bí mo bá rí ibi tí ó funfun tí ó sì ń bó láàrin ìka, ìkunra tí ń pa ẹbu awọ ni mo ń fi síbẹ̀, kì í ṣe epo tàbí àdí. Lẹ́yìn náà ni mo ń gbé ẹsẹ̀ sórí àga tí ó ga dọ́gba pẹ̀lú ìbàdí, mo sì ń yí ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò. Bàtà tí ó fẹ̀, tí kò ha ìka, ni mo ń wọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe èyí, ibà náà ti di ohun tí ó ṣọ̀wọ́n, òórùn ti lọ, awọ sì ti rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò padà di bí ti tẹ́lẹ̀.

Bí ibà náà bá dé, kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, kí ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi tútù lé e, kí wọ́n lo parasitamọ́ọ̀lù, kí ẹ sì gbé wọn lọ gba oògùn apakòkòrò ní ọjọ́ náà gan-an. Kò sí omi gbígbóná, kò sí fífọwọ́ra, kò sí eré ìdárayá títí yóò fi lọ.

Mẹ́kítísánì àti albẹ́ńdásólì tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún ní abúlé dára, nítorí pé wọ́n ń pa ọmọ aran, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀fọn gbé e dé ara ẹlòmíràn. Irú pípín bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọdún 2017 pé Tógò ti borí àrùn yìí gẹ́gẹ́ bí ìṣòro ìlera gbogbo ìlú, òun ni ó sì kọ́kọ́ ṣe é ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Àmọ́ oògùn náà kì í mú ẹsẹ̀ tí ó ti wú sọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ènìyàn lè ní jàbùtẹ̀ àti àìsàn ọkàn pọ̀, pàápàá ní ọjọ́ orí ìyá wa. Bí ẹsẹ̀ kejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí èémí ń sá, ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ wọn sókè, ẹ má sì ṣe fi bándéèjì dì í kí dókítà tó rí wọn, nítorí pé omi tí a tì sókè lè pọ̀ ju ohun tí ọkàn tí ó rẹ̀ lè gbé lọ. Bí ẹsẹ̀ kan bá sì ṣàdédé wú láàrin ọjọ́ kan sí méjì, tí iṣan ẹ̀yìn ojúgun ń ro wọ́n gidigidi, ẹ̀jẹ̀ dídì lè wà nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà ni, kì í ṣe ọ̀la.