Háṣítáàgì kì í bu ìrẹsì fún oníbàárà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mò ń se ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù tà ní Fájuyì, ní Adó-Èkìtì. Mo gbé fídíò bí mo ṣe ń sè é sórí TikTok, mo sì lẹ àwọn háṣítáàgì tí mo rà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan mọ́ ọn: #fyp, #viral, #Ado-Ekiti àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn wò ó, ṣùgbọ́n wọn kò wá rà. Èwo ló kù tí mo lè fi kún un?

Ìdáhùn: Ẹ má fi ọ̀kankan kún un, ìyá wa, ẹ yọ púpọ̀ kúrò níbẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú sí àwọn tó ń ta àkójọ háṣítáàgì ni pé wọ́n ń tà á bí ẹni ń ta àwúre, nígbà tí kò ju ọ̀rọ̀ tí àmì # ṣáájú lọ, èyí tí TikTok fi ń mọ ohun tí fídíò dá lé. Kí ni #fyp wá sọ nípa ìrẹsì? Ẹni tó ń jó kọ ọ́, ẹni tó ń ta bàtà náà kọ ọ́. Bí àwọn tó kọ́kọ́ rí fídíò bá ṣe wò ó pẹ́ tó, pàápàá bí wọ́n bá wò ó dópin, wà lára ohun tí TikTok fi ń pinnu bóyá yóò gbé e fún ẹlòmíràn.

Ti #Ado-Ekiti tilẹ̀ burú jù, nítorí pé ibi tí háṣítáàgì bá ti kan àmì ìdè kékeré àárín yẹn tàbí àlàfo ni ó ń parí sí, tó fi jẹ́ pé #Ado nìkan ló ṣẹ́ kù fún yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò: orúkọ tó bá wà lórí ojú ewé tó ṣí ni TikTok rí kà.

Ní ti ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń hàn kí ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ fi oúnjẹ àti àdúgbò sí. Èmi ì bá kọ ọ́ báyìí:

"Jollof rice ní Fájuyì, Adó-Èkìtì. Mo dín ata títí òróró fi léfòó kí n tó da omi ẹran sí i, ìdí nìyẹn tí kò fi kan lẹ́nu. Aago 12 ọ̀sán la ń bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. #jollofrice #AdoEkiti #EkitiFood"

#jollofrice lè gbé yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ tàbí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí kò lè ra àwo kan. #AdoEkiti ló bá ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ yín wí. Mo yọ àmì ohùn kúrò lára rẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan.

N kò búra pé ọjà yóò tà o. Ẹ má sì kọ iye owó síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú èsì kan lábẹ́ fídíò, kí ẹ so èsì náà mọ́ òkè, kí ẹ lè pa á rẹ́ kí ẹ sì kọ òmíràn lọ́jọ́ tí tàtàṣé bá gbówó lórí.