Àdàkọ dátábéèsì kì í ṣe àká dátà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, ìgbàkígbà tí olórí wa bá ṣí rípọ́ọ̀tì títà, ètò tí àwọn oníbàárà fi ń ra ọjà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Wọ́n ní ká ṣe wẹ́ẹ̀háòsì, la bá ń da gbogbo dátábéèsì kọ sí sẹ́fà kejì lálaalẹ́. Síbẹ̀ rípọ́ọ̀tì ṣì ń pẹ́, iye títà oṣù tó kọjá sì ń yí padà. Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ ká máa dà á kọ lójúmọ́?

Ìdáhùn: Bí ẹ bá dà á kọ nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, àdàkọ náà ni yóò ṣì jẹ́. Ó ti gba àwọn tó ń rajà sílẹ̀ lọ́wọ́ rípọ́ọ̀tì, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ fún yín pé wẹ́ẹ̀háòsì nìyẹn ṣì yín lọ́nà, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ṣì lọ́nà. Àká dátà ni èmi máa ń pe wẹ́ẹ̀háòsì, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbé igi ọkà tòun ti gbòǹgbò wọ inú àká.

Ẹ jẹ́ ká tètè parí ọ̀rọ̀ pípẹ́ yẹn. Dátábéèsì tí ẹ fi ń tajà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní OLTP, ẹni tó bá wá sídìí rẹ̀ ìlà kan tàbí méjì ló ń wá: ó kọ ọjà tó rà, wọ́n fọwọ́ sí i, ó lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to gbogbo ohun tó wà lórí ìlà kan síbì kan náà. Rípọ́ọ̀tì, tí í ṣe iṣẹ́ OLAP, kò bìkítà fún ìlà kan. Gbogbo ìlà ló fẹ́ kàn, ṣùgbọ́n òpó mẹ́ta péré ló nílò: ọjọ́, ẹkùn àti iye. Ká ní ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 400, tí ìlà sì jẹ́ mílíọ̀nù 10, gígábáìtì 4 ni ẹ̀rọ máa kà. Bí òpó mẹ́ta yẹn bá jẹ́ báìtì 24 lápapọ̀, tí wọ́n sì to òpó kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ bí àwọn dátábéèsì OLAP ti ń ṣe, mẹ́gábáìtì 240 ni. Sẹ́fà yín kejì ṣì ń to ìlà bíi ti àkọ́kọ́, ó sì ń ka gígábáìtì 4 náà. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó fi atọ́ka tó ń júwe ibi tí ìlà wà kún un: bí ìbéèrè bá fẹ́ kan ìlà tó pọ̀ jù, dátábéèsì fúnra rẹ̀ sábà máa ń pa atọ́ka tì.

Iye tó ń yí padà ló dun èmi. Dátábéèsì títà òní nìkan ló mọ̀. Ẹ wo oníbàárà nọ́ńbà 4417. Ní oṣù karùn-ún, ẹkùn Àríwá ló wà, ó sì ra ẹyọ 60. Nígbà tí ẹ ṣe rípọ́ọ̀tì oṣù náà lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà, Àríwá ní 940, Gúúsù ní 510. Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà, oníbàárà yìí kó lọ sí Gúúsù, ẹnìkan ṣí ojúewé rẹ̀, ó sì yí ẹkùn padà. Kò ṣe àìdáa kankan, ọjà tuntun gbọ́dọ̀ bá a níbi tó wà. Àmọ́ nígbà tí ẹ tún rípọ́ọ̀tì oṣù karùn-ún yẹn ṣe ní oṣù keje, Àríwá di 880, Gúúsù di 570. Àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 1450, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè fura. Bí àpapọ̀ bá dúró tí ìpín sì ń yẹ̀, ìtàn tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni kí ẹ wá lọ.

Iṣẹ́ lẹ́tà àárín inú ETL nìyí, ìyẹn ìtúnṣe tó wà láàárín fífa dátà jáde àti kíkó o wọ àká. Nínú àká, a kì í tẹ ẹkùn tuntun lé ti àtijọ́ lórí. A máa ń ti ìlà àtijọ́ pa, a ó sì ṣí òmíràn:

```sql
UPDATE dim_customer
SET valid_to = '2024-06-12', is_current = false
WHERE customer_id = 4417 AND is_current;

INSERT INTO dim_customer
  (customer_id, region, valid_from, valid_to, is_current)
VALUES
  (4417, 'Guusu', '2024-06-12', '9999-12-31', true);
```

Oníbàárà kan wá di ìlà méjì, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀, `customer_key`, tí àká fún un. Bí ọjà bá ń wọlé, ìtúnṣe yóò wá ìlà tó wà lójú ọpọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, nọ́ńbà ìlà yẹn ni yóò sì kọ sára ọjà náà. Ẹyọ 60 yẹn kò ní kúrò ní Àríwá mọ́ láé. Àṣẹ méjèèjì gbọ́dọ̀ wọlé pọ̀, tàbí kí ìkankan má wọlé. N kò rí tábìlì yín o, nítorí náà ẹ má lọ tẹ èyí sórí dátábéèsì tí ẹ fi ń tajà. Orí àká ni, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe àdàkọ ààbò. Bó bá bàjẹ́, ẹ má dárúkọ mi.

Kì í ṣe gbogbo òpó ló yẹ fún wàhálà yìí. Bí nọ́ńbà fóònù bá yí padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, kò sẹ́ni tó ń ṣe rípọ́ọ̀tì lórí ìyẹn. Èyí tó ti sọnù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Inú àdàkọ ààbò àtijọ́ nìkan lẹ ti lè rí i.

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti ṣíwọ́ dídà gbogbo rẹ̀ kọ, ohun tí ẹ máa kọ tẹ̀ lé e nìyí:

```sql
SELECT * FROM orders WHERE updated_at > :last_run;
```

Ìyẹn ni pé ohun tó yí padà láti ìgbà tí ẹ kó dátà kẹ́yìn nìkan lẹ fẹ́ kó. Ó dà bí ọgbọ́n, ó sì gbé èmi náà ṣubú rí ní ibi iṣẹ́ kan. Ká ní ọjà kan bẹ̀rẹ̀ ní 23:59:50, tí wọn ò fọwọ́ sí i títí di 00:00:20. Nínú dátábéèsì PostgreSQL, `now()` máa ń mú àkókò tí ìdúnàádúrà, ìyẹn iṣẹ́ kíkọ ọjà náà títí wọ́n fi fọwọ́ sí i, bẹ̀rẹ̀, torí náà 23:59:50 ló wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ yín wọlé ní 00:00:00, kò rí i, ó kọ 00:00:00 sílẹ̀ pé ibi tí òun dé nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ohun tó ju 00:00:00 lọ ló ń béèrè. Ọjà yẹn kò ní dé àká títí ayé, kò sì sí àṣìṣe kankan tó máa hàn lójú ẹ̀rọ.

Ẹ máa padà sẹ́yìn díẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún àpẹẹrẹ, bí ìdúnàádúrà yín kò bá ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì fi `order_id` mọ èyí tó ti wà ní àká, kí ọjà kan má baà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí wọ́n bá pa rẹ́ pátápátá, ìbéèrè yìí kò lè rí i láé. Àfi kí ẹ máa fi àmì sí i dípò pípa á rẹ́, tàbí kí ẹ máa ka ìwé ìyípadà tí dátábéèsì ń kọ fúnra rẹ̀. Láràárọ̀, ẹ ka iye ìlà ọjọ́ méje tó kọjá níhà méjèèjì, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ìhà kan bá dín ní ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ má ṣí rípọ́ọ̀tì fún olórí yín títí ẹ ó fi rí i.