Ọ̀fun Ti San, Kápúsù Méjìlá Ṣẹ́kù: Ṣé Kí N Dá Oògùn Náà Dúró?

Ìbéèrè: Wọ́n yẹ ọ̀fun mi wò, wọ́n ní kòkòrò wà níbẹ̀, dókítà sì kọ amọ́kísílìnì ọjọ́ 10 fún mi. Ọjọ́ 4 péré ni mo lò ó tí ara mi fi yá. Mo kà á níbì kan pé àṣà àtijọ́ ni kéèyàn máa lo oògùn apakòkòrò tán, pé tí ara bá ti yá, kéèyàn dáwọ́ dúró. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ lò ó pé ọjọ́ 10. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kà yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fi ìdáhùn mọ síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan wá bá mi nídìí káńtà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí tiyín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí a ṣe jọ sọ ọ́.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní parasitámọ́ọ̀lù ọmọdé. Ọ̀fun ń dun àbúrò mi obìnrin. Màá fi èyí tó kù nínú oògùn tèmi kún un fún un.”

“Oògùn wo ló kù?”

“Amọ́kísílìnì tí ẹ fún mi lọ́jọ́ sí. Mo ti lo ọjọ́ 4, ara mi ti dá ṣáṣá. Mi ò tilẹ̀ lo ti àárọ̀ yìí mọ́.”

Mo rántí ìwé oògùn rẹ̀: mílígíráàmù 500, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ọjọ́ 10. Kápúsù 20 ni mo kà fún un. Ó ti lo 8, 12 ló ṣẹ́kù.

“Ọjọ́ wo ni ibà náà lọ?”

“Ọjọ́ kejì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, mo ti ń gbé nǹkan mì láìsí ìrora.”

“Ó dáa. Ṣé o mọ̀ pé bí o kò bá tilẹ̀ lo oògùn kankan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀fun yẹn fúnra rẹ̀ rọlẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé?”

Ó wò mí bí ẹni pé mo ti rẹ́ ẹ jẹ. “Kí wá ni mo ń gbé oògùn mì fún?”

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi apoògùn gan-an nìyẹn, àwọn tó sì ń bi wá kò pọ̀. Mo ní kó fara lé káńtà, kó gbọ́.

Ibà àti ìrora ọ̀fun, ariwo ìjà ni. Àwọn ọmọ ogun ara ló ń bá kòkòrò jà. Tí ariwo bá rọlẹ̀, ohun tó fi hàn ni pé ìjà ti dínkù. Kò fi hàn pé ọ̀tá ti tán. Kòkòrò tó ń jẹ́ sitirẹpitokọ́kọ́ọ̀sì yìí máa ń fara pamọ́ sínú kòtò wẹ́wẹ́ tó wà lára ẹran méjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì ọ̀nà ọ̀fun. Ó lè wà níbẹ̀ kí olúwa rẹ̀ máa jẹ, kó máa mu, kó máa rẹ́rìn-ín.

“Ṣùgbọ́n Àǹtí, ọjọ́ 4 tí mo lò, kí ló dé tí kò pa á tán?”

“Torí ọ̀nà tí amọ́kísílìnì ń gbà pa kòkòrò ni. Kì í gún un lọ́bẹ. Ògiri ni kòkòrò kọ yí ara rẹ̀ ká, ìgbà tó bá sì fẹ́ di méjì ló máa ń kọ́ ògiri tuntun. Ibi tó ti ń kọ́ ògiri yẹn ni oògùn ti ń mú un, tí ògiri fi ń ya, tí kòkòrò fi ń bẹ́. Èyí tó ń bí sí i kíákíá, ọjọ́ kìíní àti ìkejì ló máa ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ara fi yá ọ, tí o kò sì fi lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ kan. Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú kòtò, tí kò kọ́ nǹkan kan, oògùn á kọjá lára rẹ̀. A ní láti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kọ́lé.”

“Ìyẹn ni pé à ń ṣọ́ ọ.”

“À ń ṣọ́ ọ. Kápúsù kan kì í sì í pẹ́ lára. Láàárín wákàtí díẹ̀, kíndìnrín ti tọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù. Ti alẹ́ ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ti àárọ̀.”

Mo wá sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù fún un. Lára kòkòrò yìí, ohun kan wà tó jọ ohun tó wà nínú ọkàn àti oríkèé ara wa. Bí kòkòrò bá pẹ́ lọ́fun, ọmọ ogun ara lè ṣi ọkàn mú fún ọ̀tá. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn tí ọ̀fun ti san, tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé, ibà á tún dé: orúnkún á wú, á fi í sílẹ̀ bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀, èémí á máa kúrú. Ibà rumátíìkì nìyẹn. Oríkèé á san, ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá lè di èyí tí kò ṣí dáadáa mọ́, tàbí tí kò pa dé mọ́, títí ayé. Kì í ṣe gbogbo ọ̀fun dídùn ló ń já síbẹ̀, ìwọ̀nba ni. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 15 ló sì ń bá jà jù. Ọmọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ibẹ̀ ni, àbúrò rẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún 8 lọ sì wà láàárín rẹ̀ gan-an.

“Mo rò pé ẹ máa sọ pé kòkòrò á di alágídí ni, pé oògùn ò ní ràn án mọ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa nìyẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín, torí ìtàn yẹn ní àpadé tirẹ̀. Ní ọdún 1945, nígbà tí Alẹkisáńdà Fílẹ́mìnì tó ṣàwárí pẹnisílìnì, oògùn tó jẹ́ ẹbí amọ́kísílìnì, ń gba ẹ̀bùn Nòbẹ́ẹ̀lì, ó pa àlọ́ Ọ̀gbẹ́ni kan tí ọ̀fun ń dùn. Ó ra pẹnisílìnì, ó lo ìwọ̀n tí kò tó pa kòkòrò, ṣùgbọ́n tó tó láti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó wá kó kòkòrò ọlọ́gbọ́n yẹn ran ìyàwó rẹ̀, oògùn ò sì ràn án mọ́, obìnrin náà kú. Kòkòrò ọ̀fun yìí kan náà ni Fílẹ́mìnì fi pa àlọ́ náà. Àmọ́ títí di òní, pẹnisílìnì ṣì ń pa á. Àwọn kòkòrò mìíràn ló kọ́ ọgbọ́n náà.

Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Nínú ìfun, nínú imú, lára awọ, níbi tí ẹgbàágbèje kòkòrò tí kò ṣe wá ní nǹkan kan ń gbé. Gbogbo kápúsù tí a bá gbé mì ń kọjá lára wọn, aláìlágbára ń kú, alágídí ń gba àyè rẹ̀. Nítorí náà, bí ọjọ́ oògùn bá ṣe gùn tó ni alágídí ń rí àyè tó. Ohun tí ẹ kà nípa àṣà àtijọ́ nìyẹn: ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn kan ní Bìrìtéènì pé ọ̀rọ̀ “lò ó tán kí kòkòrò má baà di alágídí” kò ní ẹ̀rí tó gbè é lẹ́sẹ̀. Èmi náà gbà pẹ̀lú wọn lórí ìyẹn. Níbi tí mo ti yà ni pé àwọn tó kà á gbọ́ ohun tí wọn ò sọ. Wọn ò sọ pé kéèyàn fi bí ara ṣe rí ka ọjọ́.

Àìsàn ló ń ka ọjọ́. Fún kòkòrò inú àpò ìtọ̀ obìnrin, ọjọ́ 3 tàbí 5 lè tó, oògùn tí wọ́n bá lò ló máa sọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń gba oṣù 6, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ ti dá tipẹ́. Ọ̀fun tiyín, ọjọ́ 10 ni, nítorí ọkàn. Ní àwọn ilẹ̀ tí ibà rumátíìkì ti ṣọ̀wọ́n, dókítà mìíràn lè kọ ọjọ́ 5, yóò sì ní ìdí. Tí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé kòkòrò tí oògùn yìí ń pa kọ́ ló wà lára yín, dókítà lè ní kí ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ àìsàn ló ń gé ọjọ́ kù.

“Báwo ni kí n ti wá ṣe é báyìí? Mo ti fo ti àárọ̀.”

“Gbé ọ̀kan mì ní báyìí. Gbé ti alẹ́ mì kí o tó sùn. Má gbé méjì mì pọ̀ láti fi dí àlàfo. Àárọ̀ ọ̀la, padà sí bó ṣe wà, títí 20 á fi pé.”

“Àbúrò mi wá ńkọ́?”

“Ṣé ó ń wúkọ́? Ṣé imú rẹ̀ ń ṣàn?”

“Méjèèjì.”

“Kòkòrò tìrẹ kì í sábà fa ikọ́ àti ọ̀finkìn. Fáírọ́ọ̀sì ló jọ, amọ́kísílìnì kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Àmọ́ torí pé o ti ní i nínú ilé kan náà, jẹ́ kí wọ́n yẹ ọ̀fun tirẹ̀ náà wò. Bó bá jẹ́ pé òun náà ní i, bó ṣe wúwo tó ni wọn á fi díwọ̀n oògùn tirẹ̀. Ro ó wò: ìwọ lo 8, òun á lo 12. Ẹ̀yin méjèèjì ò ní lò ó pé.”

Parasitámọ́ọ̀lù nìkan ni mo tà fún un.

Nígbà kan náà, ẹ̀yin tó kọ̀wé, àwọn àmì kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ tìtorí ọ̀rọ̀ mi fara dà. Bí ara bá lé wúruwùru, tí ojú tàbí ètè wú, tàbí tí èémí há, ẹ má gbé ọ̀kan mì sí i, ilé ìwòsàn ni kí ẹ forí lé lójú ẹsẹ̀. Ìgbẹ́ tó rọ̀ díẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tó ń ṣàn bí omi léraléra, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ pe dókítà kí ẹ tó lo òmíràn. Bí ibà bá sì padà, tí apá kan ọrùn wú, tí ẹnu kò lè là dáadáa mọ́, tàbí tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ó lè jẹ́ pé ọyún ti gbá jọ lẹ́yìn ọ̀fun. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni dókítà máa ń ní láti fa irú ọyún bẹ́ẹ̀ jáde. Kápúsù nìkan kò tó o. Bí ó bá sì ti tó ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ ti dá oògùn dúró, ẹ má kàn bẹ̀rẹ̀ padà fúnra yín. Ẹ pe ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ àti iye kápúsù tó ṣẹ́kù. Òun ló máa sọ bóyá kí ẹ máa bá a lọ tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.